Lẹ́tà Tó Dákẹ́ Kò Ṣàdédé Dákẹ́

Ẹni tó bá mọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, tó sì mọ àmì ohùn, lè ka ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí láyé rẹ̀ jáde láìṣì í pè. Bí a ṣe ń sọ ọ́ la ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí àtúnṣe àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì ń lépa nìyẹn. Lẹ́tà tí ẹnu kò bá pè, kí ọwọ́ má kọ ọ́. Bí *aiye* àtijọ́ ṣe di ayé nìyẹn, tí *Offa* tó ní *f* méjì lára pátákó ojú ọ̀nà fi jẹ́ Ọ̀fà nínú ìwé Yorùbá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ìwé dúró síbi tó wà. Ìdí nìyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń bá *k* pàdé nínú *knife*, tó ń bá *b* pàdé nínú *debt*, tí kò sì gbọ́ wọn lẹ́nu olùkọ́. Ìdí nìyí náà tí akọ̀wé tó ti ń tẹ lẹ́tà fún ogún ọdún fi ń dúró ronú kó tó yan *affect* tàbí *effect*. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí èèyàn há gbogbo rẹ̀ sórí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan kọ́ ni àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sílẹ̀. Ó ń kọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ ti wá mọ́ ọn. Lẹ́tà tó dákẹ́ dà bí ilà ojú. Ojú kì í fi ilà ríran, ẹnu kì í fi ilà jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilà kà á mọ agbo ilé tí onílà ti wá. Ẹni tó bá mọ ìdílé ọ̀rọ̀ kò ní ṣàṣìkọ ọ́ lọ títí.

Ọmọ ìyá méjì tó jọra

Lẹ́nu tiwa níbí, *affect* àti *effect* kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: “ẹfẹ́ẹ̀tì” ni ọ̀pọ̀ ń pe méjèèjì. Ẹ̀bi tiwa nìkan sì kọ́. Àwọn ará Ìlú Ọba fúnra wọn máa ń gbé fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mì, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kò sí àǹfààní nínú kí èèyàn máa tún ọ̀rọ̀ náà pè sí ara rẹ̀ létí. Ìtumọ̀ ni ká wá lọ.

Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Lédè Látìn, *facere* ni wọ́n ń pe “ṣe”. Bí wọ́n bá fi *ad* síwájú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí “sí” tàbí “síhà”, ó di ṣíṣe nǹkan sí ẹnìkan. Bí wọ́n bá fi *ex* síwájú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí “jáde”, ó di ṣíṣe nǹkan títí tí yóò fi jáde, tí yóò fi yọrí. Nígbà tí *d* inú *ad* àti *x* inú *ex* fara kan *f*, àwọn náà di *f*, gẹ́gẹ́ bí owó ilé ṣe ń di owóolé lẹ́nu tiwa tí ohùn kan bá fa èkejì mọ́ra. Ibẹ̀ ni *f* méjì ti wá, nítorí náà ẹni tó bá kọ *f* kan ti pa ìdajì ìtàn náà rẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ìyàtọ̀ tó wá kù: *a* fún nǹkan tó ń bọ̀ wá bá ọ, *e* fún nǹkan tó ń jáde wá.

Ẹ mú páálí oògùn ìpara kan, irú èyí tí wọ́n ń tà fún làpálàpá, kí ẹ ka ìwé kékeré tí wọ́n ká sínú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé wọ́n ní kí ẹ fi oògùn náà pa *the affected area*. Ibi tí àrùn kàn ni wọ́n ń sọ: àrùn ló wá bá awọ ara níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ ó tún rí *side effects*. Ìyẹn ni àwọn nǹkan mìíràn tó lè jáde látinú lílo oògùn náà, bíi kí ara máa yúnni tàbí kí ojú ibẹ̀ pọ́n. Inú páálí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà, kò sì sí èyí tó lè jókòó sí ipò èkejì rẹ̀. Àrùn kàn ọ́, *affect*. Oògùn mú àbájáde wá, *effect*.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ní. Nínú èdè wa, kọ́ńsónáǹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: kàn, bà, mú, ṣe, gbà. Fáwẹ̀lì ló sì ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ: àbájáde, ipa, ìmọ̀ràn, ìṣe, àṣà. Bí ọkàn rẹ bá ń ṣe méjì, sọ ohun tí o fẹ́ kọ lédè Yorùbá ná, kí o fetí sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀wọ́n epo kan àwọn ọlọ́kọ̀.” Kàn ni, kọ́ńsónáǹtì ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, *affect* ni kí o kọ. “Kí ni àbájáde ọ̀wọ́n epo?” Fáwẹ̀lì ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, *effect* ni.

Ohun kan wà tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún níbẹ̀. A máa ń sọ pé nǹkan “nípa lórí” òmíràn, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àti ipa ló so pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gbólóhùn yẹn sórí ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ *has an effect on*, nítorí ipa ló ń tọ́ka sí. Bó bá fẹ́ lo *affect*, kò ní nílò *has*, kò ní nílò *on*. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú lẹ́tà wa ni kí wọ́n pò ó pọ̀, kí wọ́n kọ *has affect on*. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá ṣáájú ló ń tú àṣírí: bí *the*, *an*, *no*, *any* tàbí *with* bá wà níwájú, *effect* ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó gbọ́ ìkéde ìfipágbàjọba lórí rédíò Nàìjíríà mọ *with immediate effect* dáadáa, ẹni tó bá sì ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rí ti rí *with effect from* níwájú ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ibì kan tí òfin yìí ti yà kúrò lójú ọ̀nà. *Effect* náà máa ń di ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà sì ni “mú wáyé”. Ìwé ìròyìn wa kún fún un: ọlọ́pàá *effected an arrest*, ìyẹn ni pé wọ́n mú ènìyàn. Ẹ wo bí lẹ́tà kan ṣe lè yí ọ̀rọ̀ padà. Bí wọ́n bá kọ pé alága tuntun *will effect changes*, àtúnṣe kò tíì sí nílẹ̀. Òun ni yóò mú un wáyé. Bí wọ́n bá kọ pé ó *will affect the changes*, àtúnṣe ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wíwọlé rẹ̀ sì lè bà á jẹ́ tàbí kó tún un ṣe. Gbólóhùn méjèèjì ló tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ jìnnà síra. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá náà ń lo *affect* bí ọ̀rọ̀-orúkọ fún bí ìmọ̀lára ènìyàn ṣe ń hàn síta. Ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ yẹn kò ní bá a pàdé.

C fún orúkọ, S fún ìṣe

Irinṣẹ́ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì yìí ṣiṣẹ́ fún agbo mìíràn, níbi tí *c* àti *s* ti ń jà dupò. Ìmọ̀ràn ni *advice*, gbà nímọ̀ràn ni *advise*. Èyí ṣì rọrùn, nítorí etí ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà: ohùn ìparí *advice* ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi *s* tiwa, ti *advise* sì ń kùn bíi oyin. Yorùbá kò ní ohùn kíkùn yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe méjèèjì bákan náà, tí lẹ́tà wọn sì ń pààrọ̀ ara wọn lórí ìwé.

*Practice* àti *practise* ló le jù, nítorí wọn kò yàtọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àti Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí *advice* tó yàtọ̀ létí fà wọ́n lọ́wọ́. Bí ìmọ̀ràn ṣe ń gba *c*, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà àti ìdánrawò ń gba *c*: *practice*. Bí gbà nímọ̀ràn ṣe ń gba *s*, bẹ́ẹ̀ náà ni fi dánra wò ń gba *s*: *practise*. Ọ̀nà kan náà ni *licence* àti *license* ń tọ̀. Ìwé àṣẹ ni ti àkọ́kọ́, fún láṣẹ ni ti ìkejì.

Òfin ilẹ̀ Ìlú Ọba lèyí, òun sì ni ilé ìwé wa ń tẹ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, *practice* ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì, *license* ni wọ́n sì ń kọ fún méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston kò ṣàṣìṣe bó bá kọ *I practice every day*. Ọmọ tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ló yẹ kó fi *s* sí i. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà tí a ń rà ni wọ́n ti tò sí èdè Amẹ́ríkà láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n á sì fa ilà pupa sábẹ́ ohun tí olùkọ́ fi *s* sí gan-an. Kí ènìyàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, kó sì yan *English (UK)*, àríyànjiyàn náà yóò parí.

Àwọn tó ti fọhùn rí

Ní ti lẹ́tà tó dákẹ́, orísun mẹ́ta ni wọ́n ti ń wá, orísun kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tí a fi ń rántí rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tó ti fọhùn nígbà kan. Lédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, *cnif* ni wọ́n ń kọ fún ọ̀bẹ, wọ́n sì ń pe ohùn àkọ́kọ́ yẹn ketekete kí wọ́n tó kan *n*. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì ń pè é títí dòní nínú *Knie*, ìyẹn orúnkún. Ẹnu àwọn ará Ìlú Ọba fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi láàárín ọdún 1600 sí 1750. Ṣùgbọ́n William Caxton ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ Westminster láti 1476, ìwé títẹ̀ sì ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé di bárakú. Nígbà tí ẹnu yóò fi yí, ọwọ́ kò yí mọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ *gh* rí. Ohùn kan tó ń fa ọ̀fun ni *gh* inú *night* àti *daughter* dúró fún, irú èyí tí ará Jámánì ṣì ń pè nínú *Nacht* àti *Tochter*. Ó parẹ́ pátápátá nínú *night*, *right*, *eight*, *daughter*. Nínú *laugh*, *cough* àti *enough*, ó di *f*. Ti *ghost* yàtọ̀ ní tirẹ̀. Kò sí *h* nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Caxton ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bruges kó tó padà sílé, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, tó ní *gh*, ni wọ́n gbà pé ó bá a wọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn lẹ́tà agbo yìí kò ní ìbátan tó lè sọ̀rọ̀ fún wọn. Ipò tí wọ́n wà la fi ń mọ̀ wọ́n. Bí *k* tàbí *g* bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí *n* sì tẹ̀ lé e, ó ti dákẹ́ nìyẹn: *know*, *knock*, *gnaw*. Bí *w* bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí *r* tẹ̀ lé e, òun náà dákẹ́: *write*, *wrong*, *wrist*. Bí *b* bá parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn *m*, ó dákẹ́: *lamb*, *comb*, *climb*. Ibi tó ń dun ọmọ ìdánwò nìyí, nítorí dídákẹ́ *b* kò yí padà bí a bá fi *-er* tàbí *-ing* kún ìdí ọ̀rọ̀ náà. *Climber* kò ní *b* lẹ́nu, *plumber* náà kò ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é. *Number* tó jẹ́ òǹkà àti *timber* tó jẹ́ pákó ń pe *b* tiwọn, nítorí kò sí *numb* tàbí *timb* tí a fi *-er* kún níbẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀rí ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí ojú rí wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ risíìtì gbọ́ *receipt* ni, kò rí i. Bó bá rí i ni, *p* ì bá wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́bọ́ọ̀dù tí a kò gbọ́ *p* nínú rẹ̀, àti Kérésìmesì tí *t* àárín *Christmas* kò bá wọlé. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ní *b* ní ìparí. Ojú ló mú ìyẹn wá, látinú ìwé. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, apá kan wà tó ń yẹ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ wò, ìgbà tí ojú bá sì ń darí ẹnu báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdánù níbẹ̀.

Àwọn tí ọ̀mọ̀wé fi síbẹ̀

Orísun kejì ló yani lẹ́nu jù, nítorí lẹ́tà tí kò fọhùn rí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé wọlé bí òjò. *Dette* ni gbèsè, *doute* ni iyèméjì, wọn kò sì ní *b* kankan. Nígbà tó di nǹkan bíi ọdún 1400 sí 1600, tí ìfẹ́ Látìn gba ọkàn àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rí i pé *debitum* àti *dubitare* ni baba ńlá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n bá ti *b* bọ *debt* àti *doubt*, kí aráyé lè mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ẹnu kò gbà á. Shakespeare fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré rẹ̀ *Love’s Labour’s Lost*, níbi tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Holofernes ti ń bínú sí àwọn tí kò pe *b* inú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò sì dọ́gba. Wọ́n fi *p* sí *receipt* nítorí *recepta* lédè Látìn, ṣùgbọ́n *deceit* àti *conceit*, tí wọ́n jọ wá láti agbo kan náà, kò rí *p* kankan gbà. Ti *island* tilẹ̀ burú jù. Kò bá Látìn tan rárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, kò sì ní *s*. Wọ́n ṣèèṣì rò pé ó bá *isle* tan, èyí tó wá láti *insula*, wọ́n sì fún un ní *s* tí kì í ṣe tirẹ̀. *L* inú *could* náà kò ní ìdí: ó wọlé nítorí pé *should* àti *would*, tí *l* tiwọn ti fọhùn rí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń jí bí ìbátan bá dé

Orísun kẹta ni àwọn lẹ́tà tó dákẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n sì fọhùn nínú ọ̀rọ̀ tó bá a tan. *G* dákẹ́ nínú *sign*, ó fọhùn nínú *signature*. *B* dákẹ́ nínú *bomb*, ó fọhùn nínú *bombard*. *N* dákẹ́ nínú *condemn*, ó fọhùn nínú *condemnation*. *C* dákẹ́ nínú *muscle*, ó fọhùn nínú *muscular*. *T* dákẹ́ nínú *soften*, ó fọhùn nínú *soft*. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí bóyá *n* wà ní ìparí *hymn*, kó pe *hymnal* jáde, yóò gbọ́ ọ.

Níbí ni iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ọjọ́sí ti wá wúlò. *B* tí wọ́n ti bọ *debt* fọhùn nínú *debit* tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa nígbàkígbà tí owó bá jáde. Ti *doubt* fọhùn nínú *dubious*. *P* inú *receipt* fọhùn nínú *reception*. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bo orísun kẹta àti púpọ̀ nínú orísun kejì: ta ni ìbátan ọ̀rọ̀ yìí, kí la sì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ọ̀nà yìí ní ibi tó pin sí. Lẹ́tà tó dákẹ́ ni ìbátan lè jẹ́rìí sí. Fáwẹ̀lì kì í sábà gba ẹ̀rí. *Pronounce* bí *pronunciation*, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ju *o* kejì nù, ẹni tó bá kọ *pronounciation* sì ti fọkàn tán ìbátan ju bó ṣe yẹ lọ. *Maintain* náà bí *maintenance*, *ai* kejì sì di *e*. Ìwọ̀nyí ló yẹ kí èèyàn há sórí.

Lẹ́tà kan láti òkè dé ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ yẹ lẹ́tà kan wò, irú èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lè kọ:

*The cost of diesel has effected our members. We need your advise. We have the reciept for the generator, but we dout that the engineer will practice what he promised. The new dues will be with affect from Monday.*

*Effected* ló kọ́kọ́ ṣì. Owó díísù kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́: kàn, ọ̀rọ̀-ìṣe, *affected*. Bó ṣe wà yẹn, ohun tó ń sọ ni pé owó díísù ló mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wáyé. *Advise* tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń wá, fáwẹ̀lì ló fi bẹ̀rẹ̀, *advice* ni. Nínú *reciept*, *p* wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n *i* àti *e* ti pààrọ̀ àyè. Lẹ́yìn *c*, *e* ló sábà ń ṣáájú, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú *deceit* àti *conceit*. *Dout* sọ *b* nù. Ẹ pe *dubious*, *b* á padà. *Practice* yẹn dúró fún fi sílò, kọ́ńsónáǹtì ló fi bẹ̀rẹ̀, *practise* ni lọ́dọ̀ tiwa. Ní ìparí, *with* ló ṣáájú, nítorí náà *effect* ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Àṣìṣe mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bí akọ̀wé náà bá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ilà pupa yóò jáde sábẹ́ *reciept* àti *dout*, nítorí kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin yòókù lè kọjá láìsí ilà kankan, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni *effected*, *advise*, *practice* àti *affect*. Ipò tí wọ́n jókòó sí nìkan ni kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀rọ mọ lẹ́tà tó sọnù, kì í sábà mọ ọ̀rọ̀ tó ṣi ilé wọ̀.

Èyí ló yẹ kó pín ìṣọ́ra ẹni. Ẹni tó ń tẹ̀wé lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè fi lẹ́tà adákẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kó sì fi gbogbo ojú ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ oníbejì: nígbà tó bá parí, kó padà wá *affect*, *effect*, *advice*, *practice* níkọ̀ọ̀kan, kó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lédè Yorùbá, kó gbọ́ bóyá kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tàbí fáwẹ̀lì. Ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú bíírò kò ní ẹ̀rọ tí yóò fa ilà pupa fún un. Òun ló ní láti máa pe ìbátan ọ̀rọ̀, kó sì máa wo ipò tí lẹ́tà wà, kó tó fi tádàwà lé ìwé.